Bọ́ílà Kò Gbóná Lọ́jọ́ Ajé: Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Kí Òṣìṣẹ́ Tó Lè Gba Ìpele Owó Oṣù Gbọ́

Ẹ̀yin alábòójútó òṣìṣẹ́, ẹ̀yin aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ fi owó yín dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, mo kí yín kú ìjókòó. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń fà ya, epo ẹ̀rọ sì ti ta sí i lápá kan. Ìwé àpèjúwe iṣẹ́ ọkùnrin kan ni, ẹni tó ń bójú tó bọ́ílà ní ilé iṣẹ́ ohun mímu inú ìgò kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nílùú Ìbàdàn. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà kan lọ: “Ó ń tan bọ́ílà láàárọ̀, ó ń pa á lálẹ́.”

Ọjọ́ kan náà tí wọ́n gba ìwé yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n gba ti obìnrin tó ń ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Tirẹ̀ kún ojú ewé mẹ́ta. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ: bó ṣe ń gba rìsíìtì, bó ṣe ń fi ìwé báńkì wé ìwé ilé iṣẹ́, bó ṣe ń wá owó tó bá dín, àwọn oníbàárà tó ń pè nítorí gbèsè. Kò parọ́ kankan níbẹ̀. Ìwé kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní tábìlì tó lè jókòó sí kọ ọ́.

Àwa mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà ní ká wọn gbogbo iṣẹ́ wò, ká pín wọn sí ìpele, kí owó oṣù lè ní ìlànà tó dúró sójú kan. A ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé àpèjúwe nìkan la sì ń kà. Nígbà tá a jáde, iṣẹ́ akọ̀wé gba máàkì 540, ó bọ́ sí ìpele kẹrin. Iṣẹ́ bọ́ílà gba 340, ó bọ́ sí ìpele kejì. A lẹ àbájáde mọ́ pátákó ìkéde lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ́ílà kò gbóná.

Ẹni tó bá mọ ilé iṣẹ́ ohun mímu á ti mọ ohun tí ìyẹn já sí. Oru gbígbóná tó ń ti inú bọ́ílà jáde ni ẹ̀rọ ìfọgò fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìgò kò bá mọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa rọ ohun mímu sí, bí kò bá sì sí ohun tí wọ́n rọ, àwọn tó ń lẹ bébà mọ́ ìgò, àwọn tó ń kó o sínú kéréètì àtàwọn awakọ̀ tó ń dúró lẹ́nu géètì á kàn máa wo ara wọn ni. Gbogbo ilé iṣẹ́ dúró gbagidi nítorí ọkùnrin kan tí a ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ju 340 lọ. Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí kéréètì tó dojú dé, lẹ́yìn yàrá bọ́ílà. Bàbá Bọ́ílà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wọ inú yàrá yìí rí?”

Mi ò wọ̀ ọ́ rí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílé iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo wá sọ lónìí wà nínú ìbéèrè Bàbá yẹn. Òṣìṣẹ́ tó bá rí iṣẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é gan-an, nínú ìwé tí a fi wọ̀n ọ́n, lè fara mọ́ máàkì tó kéré. Ẹni tí kò bá rí i níbẹ̀ á máa fura sí èyí tó pọ̀ pàápàá.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1966, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Elwood dìde láti yẹ ìpele iṣẹ́ ìjọba wò, nítorí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ń ráhùn pé ìpele àwọn kò dọ́gba. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, darí ìgbìmọ̀ tó yẹ owó oṣù wò ní 1970 sí 1971. Ìgbà tó di 1972 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Udoji kalẹ̀, òun ló sì jábọ̀ ní 1974 tó kó iṣẹ́ ìjọba jọ sórí àkàbà kan ṣoṣo tó ní ìpele 17. Àkàbà yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn di òní tí wọ́n bá ní àwọn wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tàbí mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa Udoji. Owó ni wọ́n máa sọ. Àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù tí wọ́n san ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, bí owó ọjà ṣe fò sókè lẹ́yìn rẹ̀, àti ìyanṣẹ́lódì tó tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn dókítà àti àwọn ẹlòmíì ní wọn kò gbé àwọn síbi tó yẹ. Iye owó dé etí gbogbo èèyàn. Ìdí tí ẹni kan fi wà níhìn-ín, tí ẹnì kejì fi wà lọ́hùn-ún, kò dé etí ọ̀pọ̀ wọn. Àwa mẹ́ta tí a lẹ bébà mọ́ pátákó lọ́jọ́ Jímọ̀ tún àṣìṣe kan náà ṣe ní kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wíwọn iṣẹ́ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ là ń wọ̀n, a kì í wọn ẹni tó ń ṣe é. Bí ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà bá kúrò lọ́la, tí ẹlòmíì sì dé, máàkì kò gbọdọ̀ yí. A máa ń wo ohun mẹ́rin lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, ojúṣe tó wà lọ́rùn ẹni tó ń ṣe é, làálàá ara àti ti ọpọlọ, àti bí ibi iṣẹ́ ṣe rí, bóyá ó gbóná, ó ń pariwo tàbí ó léwu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ̀gùn márùn-ún. Nílé iṣẹ́ tí mò ń sọ, àtẹ̀gùn kan nínú ìmọ̀ jẹ́ 80, nínú ojúṣe 60, nínú làálàá 30, nínú ibi iṣẹ́ 30. Iṣẹ́ tó bá wà lórí àtẹ̀gùn kejì nínú ìmọ̀ á gba 160, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tó kéré jù á gba 200, èyí tó ga jù á gba 1,000.

Ẹnì kan á ní, ta ló sọ pé ìmọ̀ ni kó gba 80 tí làálàá fi gba 30? Ìbéèrè tó yẹ kí òṣìṣẹ́ béèrè gan-an nìyẹn, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó pín in. Àwa la pín in, nítorí ohun tí ilé iṣẹ́ náà gbà pé ó ṣe pàtàkì sí òun. Ilé iṣẹ́ tó ń wa kùsà lè fún ewu ní ìpín tó ju èyí lọ, kó sì tọ̀nà. Ohun tí kò tọ̀nà ni ká wọn iṣẹ́ tán, ká rí i pé iṣẹ́ ẹni tá a fẹ́ràn kò ga tó, ká wá padà lọ yí ìpín. Nítorí náà, ẹ kéde ìpín kí ẹ tó wọn iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí aṣojú òṣìṣẹ́ sì fọwọ́ sí i.

Ẹ tún ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí ẹ ń pè ní làálàá. Tó bá jẹ́ gbígbé ẹrù nìkan lẹ kà sí i, àwọn obìnrin tó ń dúró fún wákàtí mẹ́jọ tí ojú wọn kò gbọdọ̀ kúrò lára ìgò tó ń kọjá níwájú iná, tí wọ́n ń wá èyí tó sán tàbí tó ní ìdọ̀tí, kò ní rí nǹkan gbà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rẹ ojú àti ọpọlọ náà ń rẹni. Àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ti 1951 lórí owó tó dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, sọ pé iṣẹ́ tó níye lórí bákan náà ni kó gba owó bákan náà. Iṣẹ́ méjì lè yàtọ̀ síra pátápátá, kí iye wọn sì dọ́gba. A kò lè mọ̀ bí a kò bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá bọ́ílà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo márùn-ún ìdájí, mo dé bá Bàbá níbẹ̀. Ooru lù mí lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Kó tó tan iná rárá, ó ti wo ọ̀pá gíláàsì tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà, níbi tí omi inú rẹ̀ ti ń hàn. Ó ṣí fáàfù kékeré abẹ́ rẹ̀ kí omi tú jáde, ó wò ó bóyá omi tún gòkè padà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń da omi nù. Ó ní ìdọ̀tí lè dí ihò gíláàsì náà, tí gíláàsì á fi máa parọ́ pé omi wà nígbà tí kò sí. Mo ní bí kò bá wá sí ńkọ́? Ó ní bí omi bá lọ sílẹ̀ tí iná ṣì ń jó, irin inú rẹ̀ á pọ́n. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá wá fi ìbẹ̀rù tan ẹ̀rọ omi, tí omi tútù kan irin tó ti pọ́n, bọ́ílà lè bú gbàù. “Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, Ọ̀gá, kò ní sí mọ́.” Ó fi ọwọ́ hàn mí fáàfù ààbò tó ń tú oru dànù bí agbára inú bọ́ílà bá ti pọ̀ jù, ó sì sọ ọjọ́ tó dán an wò gbẹ̀yìn láìwo ìwé kankan. Mo kúrò níbẹ̀ ní agogo mẹ́jọ, aṣọ mi ti rin gbingbin.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó wà nínú “Ó ń tan bọ́ílà láàárọ̀, ó ń pa á lálẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń rò ó lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwọ̀n iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú. Máàkì ń tẹ̀ lé kálàmù. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀wé kọ á ga, tẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ á wálẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń kà á á sì rò pé òótọ́ làwọn ń kà. Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè tètè mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín: ẹ to àwọn ìwé àpèjúwe náà láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, kí ẹ wá fi wé bí máàkì ṣe tò. Bí ìtò méjèèjì bá fẹ́ rí bákan náà, gígùn ìwé lẹ wọ̀n, ẹ ò tíì wọn iṣẹ́. Bá a ṣe tún tiwa ṣe ni pé òṣìṣẹ́ kò kọ ìwé fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹni méjì ló ń lọ bá a níbi iṣẹ́, ọ̀kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo èèyàn, ojú ewé kan péré ni wọ́n sì ń kọ fún gbogbo iṣẹ́. Wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹni náà létí ní Yorùbá, òun ló máa sọ pé ó pé tàbí kò pé. Ìgbìmọ̀ náà di ẹni méje, méjì nínú wọn láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

A tún iṣẹ́ méjèèjì wọ̀n. Bọ́ílà: ìmọ̀, àtẹ̀gùn kejì, 160, torí ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrírí ọdún díẹ̀ ló ń béèrè, ojúṣe, ìkẹta, 180, torí àṣìṣe rẹ̀ lè pa èèyàn, ó sì lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró, làálàá, ìkẹta, 90, ibi iṣẹ́, ìkẹrin, 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 550. Akọ̀wé: ìmọ̀, ìkẹta, 240, torí ìwé ẹ̀rí pólì, ojúṣe, ìkejì, 120, torí ẹlòmíì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí owó tó jáde, làálàá, ìkejì, 60, ibi iṣẹ́, ìkíní, 30. Tirẹ̀ jẹ́ 450. Ẹ kíyè sí i pé akọ̀wé ṣì fi ìmọ̀ borí. Kò sẹ́ni tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yí ni ojúṣe àti ibi iṣẹ́, a sì kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gbólóhùn kan, kí ẹni tó bá fẹ́ jà lè mọ ibi tó máa dì mú.

Lẹ́yìn máàkì, ó kan ààlà. Ẹ̀rù máa ń bà mí níbẹ̀ ju ibi yòówù lọ, torí ibẹ̀ ni ojúsàájú ti rọrùn jù. Lákọ̀ọ́kọ́, a ti pa ààlà sí ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún: 400 sí 499 jẹ́ ìpele kẹta, 500 sí 599 jẹ́ ìpele kẹrin. Awakọ̀ tírélà gba 490. Máàkì mẹ́wàá péré ló jù ú sí ìpele ìsàlẹ̀, òṣùwọ̀n wa kò sì mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ní òun lè fi ojú mọ iṣẹ́ 490 yàtọ̀ sí iṣẹ́ 500 ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. A bá fi gbogbo máàkì sórí ìlà kan, a bo orúkọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀, a wá ibi tí àlàfo wà. Wọ́n tò báyìí: 420, 430, 450, 460, lẹ́yìn náà 490, 510, 530, 550. Àlàfo tó fẹ̀ jù wà láàárín 460 àti 490, ibẹ̀ la sì pa ààlà sí, ní 475. Awakọ̀ bọ́ sí ìpele kẹrin, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó wà lẹ́bàá ààlà tó lè sọ pé irun orí kan ló gé òun kúrò. Bákan náà la ṣe mú ìpele karùn-ún bẹ̀rẹ̀ láti 590. Bíbo orúkọ mọ́lẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo orúkọ nígbà tí ẹ ń pa ààlà, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ yín á yà.

A wá fún gbogbo èèyàn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pẹ̀jọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù: kí ló wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kò rí? Ẹ jẹ́ kí n mú méjì jáde. Àgbàlagbà kan nínú sítọ́ọ̀ ní òun ti wà níbẹ̀ fún ọdún 22, òun kò lè wà ní ìpele kan pẹ̀lú ọmọ tó dé lánàá. A dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọdún tó lò jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti iṣẹ́ náà. Inú owó tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ló wà, màá dé ibẹ̀. Ẹnì kejì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì lóru. Ó gba 290, ìpele kìíní. Ó ní, “Ẹ ò bi mí nípa dísù.” Àṣé òun ló ń gba tánkà dísù tó bá dé lóru. Òun ló ń ti ọ̀pá bọ inú táǹkì kó tó gbà á àti lẹ́yìn tó gbà á, òun ló ń ṣírò iye lítà, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìwé. Bó bá fọwọ́ sí lítà tí kò wọlé, ilé iṣẹ́ á san owó afẹ́fẹ́. Àwọn tó lọ bi í léèrè lọ́sàn-án ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì ń ṣe. Ojúṣe rẹ̀ gòkè láti àtẹ̀gùn kìíní sí ìkejì, 60 di 120, iṣẹ́ náà di 350, ó bọ́ sí ìpele kejì. Ohun tí ẹnì kan mú wá láti inú iṣẹ́ ló yí máàkì padà. Ìròyìn yẹn tàn ká ilé iṣẹ́ ju ìpàdé yòówù tí mo lè pè lọ.

Owó ló kù. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí gbangba: wíwọn iṣẹ́ kì í sọ iye tí iṣẹ́ tọ́ sí ní náírà. Ìtò ló ń fún wa. Náírà ń ti àpò ilé iṣẹ́ àti ọjà iṣẹ́ wá. Nígbà yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní jẹ́ ₦62,500, ìkejì ₦75,000, ìkẹta ₦90,000, ìkẹrin ₦108,000. Ìdá kan nínú márùn-ún ló wà láàárín ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìpele kọ̀ọ̀kan tún ní àtẹ̀lé mẹ́sàn-án nínú. Ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀ láti ₦90,000, ó ń fi ₦4,500 lé e lọ́dún, títí ó fi dé ₦126,000. Ibí ni ọdún 22 bàbá sítọ́ọ̀ wà: ó wà lórí àtẹ̀lé tó kẹ́yìn, ọmọ tó dé lánàá sì wà lórí èyí àkọ́kọ́. Ẹ máa rí i pé ẹni tó ti pẹ́ ní ìpele kẹta lè gbà ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele kẹrin lọ. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá bi yín. Tí ẹ bá dúró kí wọ́n fúnra wọn rí i, wọ́n á pè é ní màgòmágó.

Bàbá Bọ́ílà ń gba ₦78,000 tẹ́lẹ̀. Ó di ₦108,000, a sì pín àfikún náà sí ẹ̀ẹ̀mejì, torí ilé iṣẹ́ kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé ńkọ́? Ó ń gba ₦132,000, òkè ìpele kẹta sì jẹ́ ₦126,000. A kò gé kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ìwọ̀n iṣẹ́, kò tún ní rí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún un nípa iṣẹ́ mọ́. A dá owó rẹ̀ dúró síbi tó wà títí ìpele náà á fi gòkè bá a. Mo jókòó tì í, mo fi ìwé méjèèjì hàn án, tirẹ̀ àti ti bọ́ílà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì díbọ́n pé ó dùn. Ó ní òun kò rí ibi tí ìwé náà ti parọ́, àti pé ṣé òun lè gba ẹ̀dà. Mo fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe kí inú gbogbo èèyàn dùn.

Nígbà míì ọjà á ju ìwọ̀n lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ṣe gba 510, ìpele kẹrin, àmọ́ irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àwọn tó kù sì ti já pa. Ọ̀gá kan ní ká fi 100 lé máàkì rẹ̀. Mo kọ̀. Bí ẹ bá purọ́ sínú máàkì nítorí ẹnì kan, gbogbo máàkì di irọ́. Owó àfikún ọ̀tọ̀ la fún un. Orúkọ owó àfikún náà wà lórí ìwé owó oṣù, a kọ ọjọ́ tí a máa tún un yẹ̀ wò sí i, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ọjà ló fà á.

Lẹ́yìn náà ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè wa di ₦70,000 nínú oṣù keje 2024. Ìpele kìíní wa gbọ́dọ̀ kúrò ní ₦62,500. Bá a bá gbé òun nìkan sókè, ₦5,000 péré ló máa kù láàárín rẹ̀ àti ìpele kejì, ẹ̀ṣọ́ tó ń ka dísù lóru á sì bi wá pé kí la wá ń wọn iṣẹ́ fún. Ìjọba àpapọ̀ ti rí irú rẹ̀ ní 2019. Wọ́n fọwọ́ sí ₦30,000 nínú oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni wọ́n tó fẹnu kò pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lórí àwọn tó wà lókè: ìdá 23.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele 7, 20 fún ìpele 8, ó ń dínkù títí dé 14 fún ìpele 15 sí 17. Ohun tó gba oṣù mẹ́fà ni àlàfo, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Àwa náà ṣe é bẹ́ẹ̀: ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele kìíní, 11 fún ìkejì, 10 fún ìkẹta, 9 fún ìkẹrin. Ìpele kejì di ₦83,250, àlàfo sì kù díẹ̀ kó tó ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Òkè ìpele kẹta di ₦138,600, akọ̀wé wa sì wọlé padà sínú ìpele rẹ̀, owó rẹ̀ tún ń gòkè.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé bọ́ílà tuntun wá, èyí tó ń jó gáàsì. Òun fúnra rẹ̀ ń pa iná bí omi bá lọ sílẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Wọ́n rán Bàbá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kò tíì pé oṣù kan tó padà dé tó kanlẹ̀kùn mi, ìwé àpèjúwe iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ní ojú ewé kan. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣí i padà. Ìmọ̀ ti pọ̀ sí i, mo ti ń ka ohun tí mi ò kà tẹ́lẹ̀.” Ó yí ìwé náà, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó gbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n yàrá yẹn kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀.” A fi 80 kún ìmọ̀, a yọ 30 kúrò nínú ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ náà di 600.